Ìdá Márùn-ún, Ọjọ́ Mẹ́rin: Bí A Ṣe Ń Fi Erùpẹ̀ Inú Ààrò Tọ́ Ọ̀pá Ìwọ̀n Omi Sọ́nà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ nípa ọ̀gbìn, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ wá jókòó tì wá lónìí, mo kí yín o. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti àárín oko. Ẹ fojú inú wo oko àgbàdo kan tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40. Ẹni tó ni oko náà ra ọ̀pá ìwọ̀n omi inú ilẹ̀, ó rì í mọ́ àárín àgbàdo, ó sì pinnu pé ìgbà tí ọ̀pá náà bá sọ̀ kalẹ̀ dé ìdá 19.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni òun yóò ṣí omi sí oko. Láràárọ̀ ló ń lọ wò ó. Lọ́jọ́ tí ọ̀pá náà sọ pé 20, ewé àgbàdo ti ń ká jọ kí oòrùn tó kan àtàrí, kò sì là padà títí oòrùn fi rọlẹ̀. Ewé ń sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, ọ̀pá ń sọ pé omi ṣì kù. Ọ̀kan nínú wọn kò sọ òtítọ́. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni bí a ṣe ń mọ èyí tó jẹ́, nípa gbígbé erùpẹ̀ láti ìdí ọ̀pá lọ sínú ààrò oníná, kí a mú un gbẹ, kí a sì gbé e lé òṣùwọ̀n. Iṣẹ́ yìí ni mo ń pè ní ìmúbáramu, nítorí pé ṣe là ń mú ohun tí ọ̀pá ń wí bá ohun tó wà nínú ilẹ̀ mu.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀pá ìwọ̀n kò rí omi rárá. Irú èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní eyín irin méjì tàbí mẹ́ta. Ó ń rán iná mànàmáná díẹ̀ sáàárín àwọn eyín náà, ó sì ń wo bí ohun tó wà láàárín wọn ṣe ń gba agbára iná pamọ́ tó. Bí a bá pe ti afẹ́fẹ́ ní 1, ti omi tó nǹkan bí 80, nígbà tí ti hóró erùpẹ̀ gbígbẹ kì í sábà ju 3 sí 5 lọ. Ìyàtọ̀ ńlá yìí ni ọ̀pá ń lò: bí ilẹ̀ bá gba agbára iná púpọ̀ pamọ́, ó gbà pé omi ló pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìṣirò kan tí wọ́n ti kọ sínú ẹ̀rọ yóò sọ ohun tí iná wí di ìdá omi. Ní ọdún 1980, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Topp, Davis àti Annan, tẹ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ jáde, ó sì bá oríṣiríṣi ilẹ̀ mu débi pé àwọn ènìyàn ṣì ń lò ó títí di òní.

Ṣùgbọ́n ìṣirò tó bá ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mu lápapọ̀ lè má bá ilẹ̀ yín mu. Amọ̀ àti iyọ̀ ló sábà máa ń dà á rú. Iyọ̀ tó ti yòrò nínú omi ilẹ̀ ń jẹ́ kí iná rí ọ̀nà gba inú ilẹ̀ kọjá, ojú hóró amọ̀ náà sì ní agbára iná tirẹ̀, nítorí náà ọ̀pá tí owó rẹ̀ kò ga, tí ìgbì iná rẹ̀ kì í sì í yára púpọ̀, máa ń ka ohun tí kì í ṣe omi mọ́ omi. Ní ìdà kejì, bí afẹ́fẹ́ bá há sáàárín eyín àti erùpẹ̀, ọ̀pá yóò ka omi kéré ju bó ti wà lọ, nítorí pé ibi tó sún mọ́ eyín jù lọ ni ó ń fetí sí jù lọ. Ààrò kò ní irú ìdààmú yìí. A wọn erùpẹ̀ pẹ̀lú omi inú rẹ̀, a lé omi náà jáde, a tún un wọ̀n. Ohun tó dín kù ni omi. Nítorí náà, bí ọ̀pá àti ààrò bá ta ko ara wọn, tí a sì ti ṣe ti ààrò bó ti tọ́, ọ̀pá la óò tún ṣe. A kì í wá àárín àwọn méjèèjì.

Bí a ṣe ń ṣe ti ààrò bó ti tọ́ wá ni ọ̀rọ̀ kàn, n óò sì dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà láìmọ̀. A gbẹ́ ihò kékeré kan nínú oko, a sì ti ọ̀pá wọ ara ògiri ihò náà ní ìbú, níbi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 20, èyí tó jẹ́ àárín ibi tí gbòǹgbò wà. A tì í wọlé tààrà, a kò mì í sọ́tùn-ún sósì, nítorí mímì ló ń ṣí àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. A ka nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, a kọ ọ́ sílẹ̀, a sì yọ ọ́. Ibi tí eyín rẹ̀ ti jáde yẹn gan-an ni a óò ti mú erùpẹ̀, kì í ṣe ìṣísẹ̀ kan sí i. Omi inú ilẹ̀ kì í dọ́gba láti ibì kan sí ìkejì, kódà lórí ebè kan ṣoṣo, nítorí náà ẹni tó bá ka ọ̀pá níhìn-ín tó sì lọ mú erùpẹ̀ lọ́hùn-ún ti fi ilẹ̀ méjì wéra, ó wá ń rò pé ọ̀pá àti ààrò ni òun fi wéra.

Òrùka irin tí etí rẹ̀ mú, tí inú rẹ̀ gba mìlílítà 100 gẹ́lẹ́, ni a fi ń mú erùpẹ̀ náà. A fi pákó lé orí rẹ̀ kí a tó fi òòlù gbá a wọlé díẹ̀díẹ̀, a wá gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ yọ kí erùpẹ̀ inú rẹ̀ má baà ya. Ẹ wo ojú erùpẹ̀ tó wà nínú òrùka: bí ó bá ti rì sísàlẹ̀ ju ojú ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn òrùka lọ, a jẹ́ pé òòlù ti kì í, erùpẹ̀ tó yẹ kó gba àyè púpọ̀ sì ti sún jọ sínú àyè kékeré. Ẹ da á nù, kí ẹ mú òmíràn. Bákan náà ni bí òkúta bá wà nínú rẹ̀. Bí ó bá dára, a fi ọ̀bẹ gé ojú méjèèjì kó tẹ́ pẹrẹsẹ, a da gbogbo rẹ̀ sínú agolo onídèérí tí a ti kọ nọ́ńbà sí lára tí a sì ti wọ̀n lófìfo, a dé e pa lójú ẹsẹ̀, a sì gbé e sí ibòji. Ìṣẹ́jú mélòó kan tí agolo bá fi là sílẹ̀ nínú oòrùn ti tó láti gbé omi kan lọ tí ẹnikẹ́ni kò ní rí kà mọ́.

A wọn agolo náà lọ́jọ́ yẹn kan náà. Lẹ́yìn náà a ṣí ìdérí rẹ̀, a fi ìdérí náà sábẹ́ rẹ̀ kí méjèèjì má baà ya ara wọn, a sì gbé e sínú ààrò tó wà ní 105°C fún wákàtí 24. Mi ò fẹ́ kí ẹ gba wákàtí 24 yìí bí òfin tí kò ṣeé yẹ̀. Ohun tí a ń wá ni pé kí ìwọ̀n agolo má dín mọ́. Bí wákàtí 24 bá pé, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ dá a padà fún wákàtí méjì, ẹ tún un wọ̀n. Bí ó bá ṣì dín ju 0.1 gíráàmù lọ, omi ṣì ń jáde. Amọ̀ líle, tàbí ààrò tí a kó agolo kún bámú, lè gbà tó wákàtí 48. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé bí òun bá mú iná ga sí 150 iṣẹ́ yóò yá, nítorí pé ìdọ̀tí ewé àti gbòǹgbò jíjẹrà tó wà nínú erùpẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ohun tó bá sì jó dànù yóò wà nínú ìṣirò wa bí ẹni pé omi ni. Nígbà tí erùpẹ̀ bá gbẹ tán, a tún agolo dé, a jẹ́ kó tutù kí a tó gbé e lé òṣùwọ̀n. Agolo gbígbóná ń gbé atẹ́gùn sókè láyìíká ara rẹ̀, òṣùwọ̀n yóò sì sọ pé ó fúyẹ́ ju bó ti rí lọ. Bí a bá sì fi í sílẹ̀ láìdé kó tutù, erùpẹ̀ gbígbẹ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ padà.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé agolo kan yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Agolo òfìfo jẹ́ gíráàmù 42.6. Pẹ̀lú erùpẹ̀ tútù, ó jẹ́ 216.3. Lẹ́yìn ààrò, ó jẹ́ 188.9. Omi tó jáde jẹ́ 216.3 dín 188.9, èyí tó jẹ́ gíráàmù 27.4. Erùpẹ̀ gbígbẹ jẹ́ 188.9 dín 42.6, èyí tó jẹ́ gíráàmù 146.3.

Níbí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ wà, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ sí i. Bí a bá fi omi pín sórí erùpẹ̀ gbígbẹ, 27.4 lórí 146.3, a óò rí ìdá 18.7. Òótọ́ ni nọ́ńbà yìí, ṣùgbọ́n ìdá nípa ìwúwo ni. Ọ̀pá kò sọ̀rọ̀ nípa ìwúwo. Nípa àyè ló ń sọ̀rọ̀, ìyẹn ni pé nínú gbogbo àyè tí ilẹ̀ gbà, mélòó ni omi gbà níbẹ̀. Gíráàmù kan omi sì jẹ́ mìlílítà kan. Nítorí náà gíráàmù 27.4 omi nínú òrùka tó gba mìlílítà 100 jẹ́ ìdá 27.4 nípa àyè. Èyí ni ó yẹ kí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá. Ẹni tó bá fi 18.7 síbẹ̀ yóò rò pé ọ̀pá òun ń purọ́ ju bó ti ń pa á lọ, yóò sì fi ìtúnṣe tirẹ̀ ba nǹkan jẹ́. Mo tún ti rí ìwé ìṣirò tí wọ́n ti fi omi pín sórí erùpẹ̀ tútù, 27.4 lórí 173.7, tí wọ́n rí 15.8; ìyẹn kò wúlò fún ohun tí à ń ṣe yìí rárá.

Ìdí tí a fi ń lo òrùka tí a mọ ohun tí inú rẹ̀ gbà nìyẹn. Bí ẹ bá fi ọkọ́ lásán bu erùpẹ̀, ẹ kò ní mọ àyè tó gbà nígbà tó wà nínú ilẹ̀, ẹ ó sì ní láti wá ìwọ̀n bí ilẹ̀ náà ṣe kì tó láti ibòmíràn. Nínú àpẹẹrẹ wa, ilẹ̀ kì tó 1.46, nítorí pé gíráàmù 146.3 erùpẹ̀ gbígbẹ ló wà nínú mìlílítà 100. Ìlọ́po 18.7 pẹ̀lú 1.46 yóò gbé wa padà sí nǹkan bí 27.3, àjẹkù kékeré tí a sọ nù nígbà tí a ké nọ́ńbà kúrú ló sì mú ìyàtọ̀ náà wá. Ọ̀nà méjèèjì jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n ti òrùka kò ní kọ́lọ́fín.

Agolo kan kò tó láti dá ọ̀pá lẹ́jọ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe iṣẹ́ yìí, mo mú agolo 12 ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ní ọjọ́ kejì òjò ńlá. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra, òṣùwọ̀n mi dára, ààrò mi dára. Nígbà tí mo tẹ àwọn àmì náà sórí ìwé, gbogbo wọn ṣù jọ sójú kan bí ẹyin nínú ìtẹ́, ìlà tí mo fà láàárín wọn ì bá dorí kọ ibi yòówù tó wù ú. Inú mi bàjẹ́ gidigidi, nítorí pé ọ̀sẹ̀ méjì ti lọ. Ohun tí mo kọ́ ni pé ìlà kò lè mọ ibi tó ń lọ àfi bí a bá fún un ní ilẹ̀ tútù, ilẹ̀ gbígbẹ, àti àwọn tó wà láàárín. Láti ìgbà náà, mo máa ń ya ibi kékeré márùn-ún sọ́tọ̀ lórí ilẹ̀ kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó. Mo bomi rin wọn ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ọ̀kan lè jẹ́ èyí tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kún, kí òmíràn ti lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìrí omi, mo sì fi ọ̀rá bo èyí tó yẹ kó gbẹ jù bí òjò bá ń ṣú. Ní ibi kọ̀ọ̀kan mo ń mú òrùka mẹ́ta.

Nínú oko tí mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ yìí, ọ̀pá ka 14, 19, 24, 29 àti 34 ní ibi márààrún. Àárín ohun tí ààrò sọ fún ibi kọ̀ọ̀kan jẹ́ 9.8, 13.9, 18.6, 22.4 àti 27.3. Agolo tí a gbé yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan wà lára òrùka mẹ́ta tí a mú ní ibi karùn-ún. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 27.4, 26.1 àti 28.4. Ẹ kíyè sí i pé láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ju ìdá méjì lọ, bẹ́ẹ̀ orí ilẹ̀ mítà kan ni gbogbo wọn ti wá. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe ẹnikẹ́ni. Bí ilẹ̀ ṣe rí nìyẹn, òun sì ni kò jẹ́ kí n gba agolo kan gbọ́.

A lè tẹ àwọn àmì márùn-ún yìí sórí ìwé onílà, kí ọ̀pá wà ní ìsàlẹ̀, kí ààrò wà ní ẹ̀gbẹ́, kí a sì fi rúlà fa ìlà tó gba àárín wọn kọjá. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè ṣí ìwé ìṣirò orí rẹ̀, kó to ti ọ̀pá sí òpó A láti A2 dé A6, kó to ti ààrò sí òpó B láti B2 dé B6, kó sì kọ èyí:

```
=SLOPE(B2:B6,A2:A6)
=INTERCEPT(B2:B6,A2:A6)
```

Ti ààrò ló gbọ́dọ̀ ṣáájú nínú àkámọ́, torí pé òun ni ohun tí a ń wá. Bí a bá yí wọn padà, dípò 0.87 a óò rí 1.15, gbogbo ohun tó bá tẹ̀ lé e yóò sì wọ́. Ìlà tí a rí ni èyí:

```
omi = 0.87 × ọ̀pá − 2.48
```

Bí ọ̀pá bá ka 24, a fi 0.87 sọ ọ́ di ìlọ́po, a rí 20.88, a yọ 2.48 kúrò, ó ku 18.4. Ààrò sọ pé 18.6. Àmì tó jìnnà sí ìlà jù nínú márààrún kò fi ju ìdá 0.35 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí tàn yín jẹ. Àárín òrùka mẹ́ta ni àmì kọ̀ọ̀kan, àárín sì máa ń bo ìyapa mọ́lẹ̀. Lóko, níbi tí ọ̀pá kan ṣoṣo dúró sí, mo máa ń fojú sí i pé ó lè fi tó ìdá kan àbọ̀ yàtọ̀ sí ohun tó wà níbẹ̀, kódà lẹ́yìn ìmúbáramu.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ àgbẹ̀ tí ewé àgbàdo rẹ̀ ń ká. Níbo ló ti rí 19.5? Ó ti bomi rin ibì kan ní oko rẹ̀ títí ilẹ̀ fi yó, ó fi ọ̀rá bò ó kí oòrùn má baà fa omi rẹ̀, ó dúró fún ọjọ́ méjì kí èyí tí ilẹ̀ kò lè dì mú ṣàn lọ sísàlẹ̀, ó sì mú òrùka níbẹ̀ lọ sínú ààrò: ìdá 26. Ìyẹn ni ìwọ̀n omi tí ilẹ̀ rẹ̀ lè dì mú. Ìwọ̀n tí ohun ọ̀gbìn yóò rọ tí kò sì ní jí mọ́ ṣòroó wá lóko. Ilé àyẹ̀wò ilẹ̀ ló bá a wá a, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fi agbára afẹ́fẹ́ tó nǹkan bí ìlọ́po 15 ti afẹ́fẹ́ àyíká wa ti omi jáde lára erùpẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé ìdá 13 ni. Omi tí àgbàdo lè mu wà láàárín 26 sí 13. Nínú ilẹ̀ tó jìn ní mìlímítà 400, ìdá 13 jẹ́ mìlímítà 52. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti ọ̀gbìn, tẹ̀ jáde ní 1998 gbà pé kí a jẹ́ kí àgbàdo mu tó ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún omi yìí kí a tó fi kún un. Àgbẹ̀ wa mú ìdajì kó lè ní àyè díẹ̀. Ìdajì jẹ́ mìlímítà 26, ìdajì ọ̀nà láàárín 26 àti 13 sì ni 19.5. Kò sí ohun tó ṣe tí kò dára. Gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí ti ọ̀dọ̀ ààrò àti ilé àyẹ̀wò wá, ṣùgbọ́n ọ̀pá tí a kò tíì mú bá ilẹ̀ mu ló gbé wọn lé lọ́wọ́.

Nígbà tí ọ̀pá náà bá ka 19.5, ìlà wa sọ pé omi tó wà nílẹ̀ jẹ́ 14.5 péré. Ìdá márùn-ún ló fi yàtọ̀. Nínú mìlímítà 400 ilẹ̀, ìdá márùn-ún jẹ́ mìlímítà 20, bí àgbàdo bá sì ń mu mìlímítà 5 lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́rin ni omi fi pẹ́. Ní tòótọ́ ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bí ilẹ̀ bá ti ń gbẹ, àgbàdo kì í lè mu tó mìlímítà 5 mọ́, ọ̀pá yóò sì máa rọra sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ìyà ń jẹ ohun ọ̀gbìn. Nínú ìdá 13 tó yẹ kí àgbàdo mu ìdajì rẹ̀, ó ti mu ìdá 11.5 tán. Ewé kò purọ́.

Ọ̀rọ̀ náà tún ní apá kejì tí àwọn ènìyàn kì í sábà rò. Àgbẹ̀ yìí ń ti omi pa nígbà tí ọ̀pá bá ka 26, torí ó gbà pé ilẹ̀ ti yó. Ẹ fi 26 sínú ìlà: omi tó wà nílẹ̀ jẹ́ 20.1. Mìlímítà 23 ó lé díẹ̀ ló ṣẹ́ kù kí ilẹ̀ tó yó. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò, oko rẹ̀ ń lọ ń bọ̀ láàárín 14.5 àti 20.1, kò sì tíì fojú kan 26 rí, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀pá ń fi hàn pé gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé. Ká ní ó lọ́ra láti ṣí omi nìkan ni, ó lè rí i kíákíá. Nítorí pé ọ̀pá ṣi í lọ́nà lókè àti nísàlẹ̀, àgbàdo náà kàn ń gbó láìdàgbà tó bó ti yẹ ni.

Ìtúnṣe rẹ̀ kò gbà ju kí a yí ìlà náà padà sẹ́yìn. A fẹ́ kí omi jẹ́ 19.5, a fi 2.48 kún un, ó di 21.98, a fi 0.87 pín in, ó jẹ́ 25.3. Ìyẹn ni nọ́ńbà tí ojú ọ̀pá yóò fi hàn nígbà tó bá yẹ kí a ṣí omi. Fún 26, a rí 32.7, níbi tí a óò ti ti omi pa. Nítorí ìyapa ìdá kan àbọ̀ tí mo sọ, èyí tó tó mìlímítà 6 nínú ilẹ̀, ìyẹn omi ọjọ́ kan ó lé díẹ̀, ní tèmi n óò ṣí omi nígbà tí ọ̀pá bá ka nǹkan bí 26 dípò kí n dúró de 25.3. Omi tí a óò fún oko, bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti 19.5, jẹ́ mìlímítà 26, ìyẹn lítà 26 lórí mítà kan níbùú lóròó, láìka èyí tí yóò ṣòfò lójú ọ̀nà. Kí a dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìbomirin kí a tó gba ọ̀pá gbọ́ o, nítorí omi ní láti rìn dé ibi tí eyín rẹ̀ wà.

Ìlà yìí ní ààlà rẹ̀. Láàárín 14 àti 34 ni a ti ní ẹ̀rí, lẹ́yìn rẹ̀ kò sí. Bí ọ̀pá bá ka 2, ìlà yóò sọ pé omi kò tó òfo, ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. A kàn ti mú un jáde kúrò níbi tí a ti mọ̀ ọ́n ni. Ó tún jẹ́ ti ìjìnlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 20 nìkan. Bí amọ̀ bá pọ̀ sí i nísàlẹ̀, ọ̀pá tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 40 nílò ìlà tirẹ̀. Amọ̀ tó ń wú nígbà òjò tó sì ń sán nígbà ẹ̀rùn ṣòro jù gbogbo wọn lọ, torí bó ṣe kì tó ń yí padà bí omi ṣe ń yí padà, sísán rẹ̀ sì lè gba ìdí eyín ọ̀pá kọjá. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo máa ń fẹ́ kí òrùka pọ̀ ju 15 lọ, mi ò sì ń retí pé kí àmì wọn tò bí èyí.

Bí ọ̀pá bá ti ń ṣi ìlà rẹ̀ lọ, àmì rẹ̀ máa ń hàn bí a bá mọ ohun tí a ń wò. Bí nọ́ńbà bá ń gòkè lọ́sàn-án tó ń sọ̀ kalẹ̀ lóru láìsí omi tó wọlẹ̀, ooru ló ń kà; ẹ máa wò ó ní àárọ̀ kùtùkùtù nígbà gbogbo, kí ìmúbáramu náà sì jẹ́ ti àárọ̀. Bí ó bá fò sókè lẹ́yìn tí ẹ fi ajílẹ̀ sínú omi ìbomirin, tí kò sì sọ̀ kalẹ̀ bó ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìbomirin lásán, iyọ̀ ajílẹ̀ ni. Bí ó bá sì já lulẹ̀ lójijì nígbà tí àwọn ọ̀pá tó kù dúró sójú kan, ẹ lọ wo ìdí rẹ̀, afẹ́fẹ́ ti wọ ibẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀ràn yìí, ẹ má ṣe yí ìlà padà láti orí tábìlì. Ẹ gbé òrùka lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń mú òrùka mẹ́ta sí i, tí mi ò fi wọ́n fa ìlà rárá. Lẹ́yìn tí ìlà bá ti jáde, mo fi nọ́ńbà tí ọ̀pá kà níbi mẹ́ta náà sínú rẹ̀, mo sì wo bí ìdáhùn rẹ̀ ṣe súnmọ́ ti ààrò tó. Bí àárín ìyàtọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá ju ìdá méjì lọ, mo ń lò ó. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, mo kọ́kọ́ ń tún agolo òfìfo wọ̀n, nítorí pé nọ́ńbà agolo tó ṣìlò ló máa ń fa èyí tó pọ̀ jù. Mo tún máa ń mú òrùka mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò ọ̀gbìn kọ̀ọ̀kan, pàápàá bí katakata bá ti tú ilẹ̀ náà, torí ilẹ̀ tí a tú kò kì mọ́ bíi ti ìgbà tí a fa ìlà.

Lẹ́yìn náà, mo ń kọ nọ́ńbà méjì péré sórí páálí kan, mo sì ń so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa omi: ṣí ní 26, tì ní 33. Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ oko, ìjìnlẹ̀ ọ̀pá, nọ́ńbà tó wà lára ọ̀pá náà, àti ọjọ́ tí erùpẹ̀ jáde nínú ààrò, kí ẹni tó bá ń ṣí omi nígbà tí mi ò sí nílé má baà gbé páálí oko yìí lọ lo ní oko kejì.